Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Tí Mo Kọ fún Ògiri, àti Gáùn Yẹ́lò Tó Kó Mi sí Wàhálà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí arúgbó tó ní òun kò parọ́ rí, ẹ rọra wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá lọ parọ́ níwájú pósí, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá má baà pàdánù ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má sin òkú ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà.

Mo ní ọ̀rẹ́ mi, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

A jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni. Èmi ń fọ̀, mo sì ń ká. Òun ló ń lọ aṣọ. Abẹ́ ilé ni yàrá wa wà, kò ní fèrèsé kankan, ooru áyọ́ọ̀nù sì máa ń mú un gbóná débi pé bí o bá fi bébà lé orí tábìlì, kí o tó bojú wẹ̀yìn, ó ti rọ̀. Tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Ògiri ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe pé ó le. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ ni, o máa rò pé o ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ògiri."

"Ùn."

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lónìí."

"Ùn."

"Ilé ń jó o, Ògiri!"

"Ùn."

Mo ti dán èyí tó kẹ́yìn yìí wò rí. Kò gbójú sókè. Ó yí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ padà ni.

Ohun méjì péré ni mo tún ṣàkíyèsí lára rẹ̀. Èkíní, bó bá ti ń lọ aṣọ, ètè rẹ̀ á máa mì, wúyẹ́wúyẹ́, láìsí ohùn. Èkejì, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, á fa gáùn obìnrin kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Gáùn yẹ́lò, ó gbòòrò, ó ní bọ́tìnnì dúdú ràgàjì ràgàjì láti ọrùn títí dé ìdodo. Á lọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Á fi náílọ́ọ̀nù bò ó, á gbé e kọ́ ọwọ́, á sì máa lọ.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Ta ló ni gáùn yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògiri! Ẹ̀rín! Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo rí lẹ́nu rẹ̀ nínú yàrá yẹn. Kò dáhùn ṣá.

Mo sọ fún ara mi pé: ìfẹ́ ìyàwó rè é. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì fi pamọ́.

Ní ọdún tó kọjá, Ògiri sùn, kò jí. Kò ṣàìsàn, kò fi ẹnu sọ pé orí ń fọ́ òun. Máníjà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lókè.

"Bàbá," ó ní, "ẹbí olóògbé ní kí ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ wá sọ̀rọ̀ nípa wọn lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fẹ́ ní kí akọ̀wé wa bá wa kọ ọ́, àmọ́ kò tíì pẹ́ níbí. Ẹ̀yin lẹ bá wọn pẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín kọ ọ́..."

"Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ ìwé kà, èmi náà ni mo sì kọ́ ara mi. Àmì tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ ni ìwé tí mo kọ́kọ́ kà: "Má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́." "Má sá a sí oòrùn." Láti ibẹ̀ ni mo ti dé inú ìwé ìròyìn bí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ohunkóhun rí ju orúkọ mi lọ. Wọ́n wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti banú jẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àkọ́bí Ògiri pè mí lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti sọ̀rọ̀ nípa bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ fojú rí níbi iṣẹ́ nìkan ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Àbúrò wọn ló máa sọ tilé. Ẹ mú ìtàn kan tàbí méjì péré, ó ti tó."

"Mo gbọ́."

"Ẹ lè yà sílé, kí ẹ bi wá ní ohun tí ẹ bá fẹ́ bi wá. Àti pé, sà, bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n kà á kó tó dọjọ́ náà. Wọ́n máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí orúkọ má baà ṣìnà, kí ẹni méjì má baà sọ ohun kan náà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju inú gbogbo orí mi lọ. Ṣùgbọ́n etí wo ni mo fi gbọ́ ọ? Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ kékeré fẹ́ fi bírò pupa máàkì ìwé mi.

"Ọmọ mi," mo ní, "bàbá yín àti èmi, a ti fojú kojú fún ọdún gbọọrọ. Fọkàn balẹ̀."

Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo kọ bí Ògiri ṣe ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì: láti etí méjèèjì wá sí àárín, kì í ṣe láti àárín lọ sétí, kí aṣọ má baà hunjọ sí ṣóńṣó. Mo kọ pé kì í gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ àlejò láìkọ́kọ́ gbé e lé hańkáṣíìfù ara rẹ̀. Mo tún kọ ọ̀rọ̀ ìgbà tí omi gbígbóná bó mi lọ́wọ́. Mo kà á sókè. Kò pé ìdajì ojú ìwé.

Ìdajì ojú ìwé! Èmi tí mo ti lérí!

Ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ń jẹ ìdí bírò?"

"Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi ni. N kò mọ èyí tí n óò mú."

"Ó dáa. Kí lorúkọ ìyàwó rẹ̀?"

Mo yí ojú ìwé padà bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì nìkan?"

"Ìyá wọn, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?"

"Ẹ lọ béèrè nílé wọn. Wọ́n kúkú ní kí ẹ wá."

"Bí mo bá béèrè, wọ́n á mọ̀ pé n kò mọ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀. Ó ní ìkòkò òun kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ìdánwò ti wọlé. Ó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó tì mí bí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní: ṣé ètè rẹ̀ kì í mì ni? Kí ni ẹni tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn ń ṣe bí kò ṣe àdúrà? Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ẹni àdúrà ni." Ó ní: ṣé ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ rẹ rí? Mo kọ ọ́: "Kò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀." Ó ní: gáùn yẹ́lò ńkọ́? Háà! Bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré kọjá etí ìwé. Kí n tó mọ̀, ojú ìwé mẹ́ta ti kún. Mo kọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ nígbà tó bá gba gáùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi tí n kò mọ ojú obìnrin náà!

Ó dùn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: irọ́ dùn ún kọ. Òtítọ́ le bí ìdọ̀tí epo lára aṣọ funfun, ṣùgbọ́n irọ́ ń hó bí ọṣẹ. Mo kà á fún ẹ̀rọ ìfọṣọ níbi iṣẹ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Omi bọ́ lójú mi nítorí ìfẹ́ tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbọ̀ngàn kún. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Àwa ará ilé ìfọṣọ rò pé àwa nìkan la máa wá. Ta ni yóò wá sin ògiri? Àmọ́ àwọn ènìyàn dúró títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sunkún. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń wí pé, "Ẹnu-Kì-í-Sinmi, o wá sinmi lónìí!" Mo rò pé òkú méjì ló wà.

Ní ìlà iwájú, opó jókòó, nọ́ọ̀sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Lápá òsì, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, ó tóbi, ó nàró bí òpó iná, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni pé gbogbo wa ni olè. Ìyá opó ni, ìyá ìyàwó olóògbé. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, ó na ìka sí mi.

"Ìwọ, èmi ò bínú o, mo kàn ń sọ ọ́ ni: bàtà ẹsẹ̀ rẹ kò jọra."

Mo wolẹ̀. Lóòótọ́, kò jọra. Mo gbọ́ tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan ni, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Onígbàjámọ̀ àdúgbò ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fi hańkáṣíìfù di ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé bàtà mi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún aṣọ ọrùn mi ṣe.

Olórí ètò pè mí. Mo gòkè, mo yọ ojú ìwé mẹ́ta jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹni jẹ́jẹ́ ni olóògbé. Kì í sọ̀rọ̀."

Ẹnì kan wá sọ pé, "Ta ni?"

Mo tẹ̀ síwájú. "Ẹni àdúrà ni. Ojoojúmọ́ ni ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúrà, bó ti ń lọ aṣọ."

Ẹ̀rín tún bú láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń lu orúnkún. Nọ́ọ̀sì bo ojú. Mo wò ó, mo ní ọmọ yìí ń sunkún, ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára. Mo gbé ohùn sókè.

"Kò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ rárá!"

Ó ti parí. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àwọn àgbàlagbà ń di àga mú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ ń wo ara wọn, wọ́n ń wò mí. Ó yẹ kí n jókòó. Ẹni tó gbọ́n á jókòó. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí, mo sì ní èyí tó dùn jù nípamọ́. Mo sọ fún ara mi pé: ẹ jẹ́ kí n mú gáùn jáde, ẹ óò dákẹ́.

"Ìfẹ́ rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?" Mo na ọwọ́ sí opó. "Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ó máa ń lọ gáùn yẹ́lò yín, ẹ̀yin ìyàwó rere. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbé e wá bá yín nílé. Ẹ óò sì wọ̀ ọ́, ẹ óò máa rẹ́rìn-ín fún un."

Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n dákẹ́ débi pé mo gbọ́ dídún iná gílóòbù lókè.

Opó dìde.

"Gáùn yẹ́lò wo?"

"Gáùn... gáùn yín."

"Bàbá, mi ò ní gáùn yẹ́lò. Mi ò wọ yẹ́lò rí láyé mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ mi máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kó tó wọlé ilẹ̀ á ti ṣú. Ṣé iṣẹ́ kì í pọ̀ ni?"

Mo wo máníjà. Máníjà ń wo àjà. Mo wo ìyàwó mi láàárín èrò. Ó ká ọwọ́ gbera, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé: sọ̀rọ̀, ọ̀mọ̀wé.

"Kò... kì í pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀," mo ní.

"Obìnrin wo ló ni gáùn?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ ní ó ń gbé e lọ sílé. Ilé ta ni?"

"N kò mọ̀, ìyá mi. Mi ò mọ nǹkan kan."

Ó yí sí àwọn agbépósí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Kò pariwo. Ohùn kékeré ló fi sọ ọ́, òun ló sì gún mi lọ́kàn. "Ẹ má gbé e o. Títí mo fi máa mọ ẹni tó ni gáùn yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ mi kúrò níbí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ayé mi dojú dé. Ohun tí mo fi ń ṣe fújà ti sọ obìnrin kan di opó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Ó ń wo pósí bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò mọ̀ rí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ yanu kó gbé mi. Ká ní ó gbé mi, wọn ì bá tiẹ̀ sin ẹnì kan lọ́jọ́ náà.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà gbóhùn sókè.

"Gáùn yẹ́lò. Ìwọ oníwèé, ṣé ó ní bọ́tìnnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Dúdú?"

"Dúdú ni, Mama. Wọ́n tóbi."

"Láti ọrùn dé ìdodo?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an!"

Ó dìde. Ó gba àkókò, nítorí ó sanra. "Gáùn mi ni! Gáùn mi tí wọ́n jí lórí okùn aṣọ! Mo sọ fún yín pé olè wà nínú ilé yẹn, ẹ ní ọjọ́ ogbó ni. Èmi ò bínú o, mo kàn ń sọ ọ́ ni!"

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣubú. Mi ò fi ṣe àpèjúwe. Bẹ́ǹṣì ṣubú, ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rín yí gbiri.

"Ẹ̀yin náà, ẹ dìde!" ni nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn. "Kí lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ dìde, ó nu ojú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá àgbà.

"Mama, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ eléré ni wá. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a máa ń ṣeré ẹ̀fẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Olóògbé ni olórí wa. Òun ló máa ń ṣe ìyá ìyàwó."

"Ìyá ìyàwó wo?"

Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. "Ìyá ìyàwó kan báyìí. Bó bá ti wọlé nínú gáùn yẹ́lò, á na ìka, á ní: 'Èmi ò bínú o...'"

Ó tó ìdajì gbọ̀ngàn tó parí rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà: "...mo kàn ń sọ ọ́ ni!"

Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀. Àwọn tí wọ́n ń bá Ògiri gbé nínú ilé kan nìkan ni kò mọ̀. Kò láyà láti sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí abẹ́ òrùlé kan náà ni ìyá àgbà ń gbé, ìyàwó rẹ̀ kò sì lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ètè tó sì ń mì níbi iṣẹ́? Ipa tí ó máa ṣe lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló ń kọ́ sórí. Èmi ń pè é ní àdúrà!

Opó ṣì dúró. Kò tíì rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú gáùn náà wá," ó ní.

Onígbàjámọ̀ sáré jáde, ó sáré wọlé. Gáùn náà ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù, bí Ògiri ṣe lọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ìyá àgbà gbà á. Ó tú náílọ́ọ̀nù. Ó yẹ bọ́tìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ wò, ó fi àtàńpàkò tẹ kọ́là. A ń wò ó. Bí obìnrin yẹn bá gbaná jẹ, kò sí ìsìnkú mọ́.

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Òun náà ni, Mama," mo ní. "Ó ṣojú mi."

"Hùn." Ó tún fi ọwọ́ pa kọ́là náà. "Èmi fúnra mi ò lọ̀ ọ́ dáadáa tó báyìí rí." Ó gbójú sókè. "Ó dáa. Báwo ló ṣe ń ṣe mí? Ẹ ṣe é kí n rí."

Àwọn eléré ń wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ ní, "Mama, kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiẹ̀."

Opó gba gáùn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gbé e sí àyà. Ó nàró bí òpó iná, ó ṣe bí ẹni tó di báàgì mú sábẹ́ apá, ó sì na ìka sí pósí.

"Ìwọ ọkọ ọmọ mi," ó ní, ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu, "èmi ò bínú o, mo kàn ń sọ ọ́ ni: o tètè lọ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, ó gun àyà, ó jáde bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n di òkúta sí. Ó di pósí mú kó má baà ṣubú. Opó gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, gbogbo wa sì darapọ̀ mọ́ wọn. Àwọn agbépósí ń fi ìbọ̀wọ́ funfun nu ojú.

Nígbà tí ó rọlẹ̀, olórí ètò ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti parí?"

Mo fẹ́ sọ pé mo ti parí. Nọ́ọ̀sì ló wá sẹ́bàá mi. Ó wo ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní jẹ́jẹ́, "Sà, èwo lẹ fojú rí níbẹ̀?"

Mo fa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ yọ nísàlẹ̀ wọn. Ìdajì ojú ìwé. Mo ká ìyókù sínú àpò.

"Ẹ foríjì mí," mo sọ fún wọn. "N kò mọ ilé rẹ̀. Mo mọ tábìlì rẹ̀."

Mo ka ti kọ́là, láti etí wá sí àárín. Mo ka ti hańkáṣíìfù. Mo wá ka ti omi gbígbóná: pé ọwọ́ mi bó, mo sì fi pamọ́ fún máníjà nítorí ẹ̀rù iṣẹ́, pé bí mo bá ti dé láàárọ̀, màá rí i pé ẹnì kan ti ká gbogbo aṣọ tó yẹ kí n ká. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi san. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Opó wò mí. "Ó dákẹ́ lóòótọ́ níbẹ̀?"

"Bí ògiri, ìyá mi."

"Ọkọ mi? Nílé wa, bó bá ń sùn pàápàá, ó ń sọ̀rọ̀." Ó mi orí. Ó wo pósí, ojú rẹ̀ sì ti padà sí ojú ìyàwó. "N kò mọ ẹni yẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá." Ó kọjú sí àwọn agbépósí. "Ó yá, ẹ gbé e."

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò gùn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ibi tí ojú yín bá dé ni kí ẹnu yín dúró. Bí ìdajì ojú ìwé bá ni ojú yín dé, ẹ ka ìdajì. Ibi tí ojú kò dé, ẹ lọ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹbí ka ìwé yín ṣáájú. Ìtìjú ìbéèrè kò tó ti gáùn.

Bí a ṣe ń jáde ní itẹ́ òkú, ìyá àgbà na ìka sí mi.

"Oníwèé. Bí èmi náà bá kú, ìwọ lo máa kọ tèmi."

"Mama, n kò mọ̀ yín."

"Ìdí nìyẹn tí o fi máa wá béèrè. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mú ìwé dáadáa."

Mo ti ń lọ láti ìgbà náà. Ó máa ń wọ gáùn yẹ́lò dè mí, ó ń sọ, mo ń kọ, kò sì jẹ́ kí n fo ohunkóhun. Tí mo bá kà á fún un, á ní kí n tún un kọ. Ìwé mi ti kún, mo ti ra òmíràn, a ò sì tíì dé ibi tó ti wọ ilé ọkọ. Ìyàwó mi ní èmi ni n óò kọ́kọ́ kú.

Kí n tó máa lọ, á bọ́ gáùn náà fún mi pé kí n lọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé hańkáṣíìfù mi ná. Lẹ́yìn náà ni n óò bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́là.

"Èmi ò bínú o," á ní láti orí àga rẹ̀.

"Ùn," ni èmi náà á wí.